Alárinà Oníṣẹ́jú Méjì

Kò sí ọmọ Pobẹ̀ tàbí ọmọ Sakété tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń yẹ́ àlejò sí. Kí àgbà kan tó jókòó tán níbi ìnáwó, ìyá kan á ti máa kì í láti ẹ̀yìn, á dárúkọ bàbá rẹ̀, á dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, á sọ ohun tí wọ́n ń jẹ nílé wọn àti ohun tí wọn kì í jẹ. Orí àgbà náà á wú, á ti ọwọ́ bọ àpò. Iṣẹ́ tí oríkì wá ṣe nìyẹn: ó ń sọ fún ẹni tí à ń kì pé a mọ ẹni tó jẹ́. Àwọn tó wà níjokòó kò béèrè àlàyé kankan, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n mọ ilé tó ti jáde, òmíràn nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

Ìjókòó mìíràn wà tó ti ń wọ́pọ̀ láàárín wa báyìí. Gbọ̀ngàn kan ni, àga oníke ló wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Ọ̀kan ń fún epo, èkejì ń yan gàrí, ẹ̀kẹta ń sin ẹja nínú adágún, òmíràn ń rán aṣọ. Wọ́n pe ẹnìkan wá láti wá tọ́ wọn sọ́nà, ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí tó sì mọ ibi tí ẹ̀gún wà. Púpọ̀ nínú wọn kò rí ẹni náà rí. Ẹni tó ṣètò ìpàdé wá tọ ọ̀kan nínú wa wá, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fi àlejò wa hàn. Ìṣẹ́jú méjì péré.”

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dáadáa ti ń kọsẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nílé náà ni à ń gbé lọ síbẹ̀: à ń ki àlejò, à ń gbé e ga, à ń ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò ni à ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ló nílò ọ̀rọ̀ náà. Mo ti jókòó ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Sakété. Ẹni tó ń fi àlejò hàn mú bébà méjì jáde, ó ń kà á ní Faransé: ilé ìwé tí àlejò lọ, ìwé ẹ̀rí tó gbà, ìgbìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ìlú òkèèrè tó dé. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú mi ti ṣí ìwé rẹ̀, ó ti mú kálàmù dání. Nígbà tí wọ́n kà dé ìdajì bébà èkejì, ó pa ìwé náà dé, ó rọra sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ẹni yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn. Kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó lé e. Ìyìn tí wọ́n rò pé àwọn ń yin àlejò ló sọ fún un pé iṣẹ́ tirẹ̀ kéré jù. Àlejò náà sọ̀rọ̀ tó gún régé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn kò tún ṣí ìwé rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí irú ẹni tí ìpàdé náà wà fún gan-an nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ wá ẹni tó jọ afinihàn nínú àṣà wa, kì í ṣe akéwì, kì í sì í ṣe onílù. Alárinà ni. Alárinà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dé ilé ọmọbìnrin kó máa ka gbogbo ìtàn ìdílé ọmọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wádìí ohun tí àwọn òbí ibẹ̀ ń wá, ó ti wádìí ìwà ọmọkùnrin. Ìwọ̀nba tó lè mú kí àwọn méjèèjì fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ló ń sọ. Kì í sọ ti ara rẹ̀ rárá. Ojú mọ ojú tán, alárinà á yẹ̀bá.

Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dà bí ìmọ̀ràn tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú ẹnìkan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ká sọ pé Fadá Godfrey Nzamujo, ẹni tó dá Sóńgáì sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ń bọ̀ wá bá àwọn ọ̀dọ́ Pobẹ̀ àti Sakété sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe o, n kò sọ pé ọjọ́ ti dá. Ọmọ Nàìjíríà ni, àlùfáà ìjọ Àgùdà nínú ẹgbẹ́ Dòmíníkì. Ó ti ń kọ́ni ní yunifásítì ní Kalifóníà nígbà tí ìyàn mú ní Etiópíà láàárín àwọn ọdún 1980, tí gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó padà sí Áfíríkà. Ní 1985, lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou, wọ́n fún un ní ilẹ̀ hẹ́kítà kan ní Àjàṣẹ́, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ oko tí a tún ń fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni Sóńgáì ti tàn dé àwọn ìlú mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀, bíi Sàfálú àti Párákú, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà náà sì wá kọ́ irú rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀bùn dá a lọ́lá káàkiri ayé.

Nínú gbogbo èyí, èwo ni ọmọ tó ń fún epo ní Pobẹ̀ nílò kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ohun tí afinihàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú nìyẹn, kò sì lè yanjú rẹ̀ láìmọ ẹni tó máa jókòó síwájú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ náà. Pobẹ̀ jẹ́ ìlú ọ̀pẹ. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti 1922, kò sì sí ọmọ ibẹ̀ tí a máa ṣàlàyé ẹyìn fún. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ẹ óò béèrè. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń fún epo, ẹ máa gbọ́ nípa omi ìdí epo tí wọ́n ń dà sí ẹ̀yìn ilé, tó ń rùn, tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti aládùúgbò. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja, ẹ máa gbọ́ pé oúnjẹ ẹja ló ń jẹ èrè wọn tán. Ní Sakété, tó sún mọ́ ẹnubodè, ẹ máa gbọ́ nípa Nàìjíríà: bí náírà bá já wálẹ̀, ọjà wọn á dúró. Àwọn tó ti wà lẹ́nu òwò nígbà yẹn kò tíì gbàgbé oṣù Kẹjọ 2019 tí Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa, tó sì jẹ́ pé oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹ kò nílò láti fi gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹyọ kan ni kí ẹ mú, èyí tí àlejò yín ní ìdáhùn sí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bá àlejò sọ̀rọ̀, ó kéré tán lórí tẹlifóònù. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì pè é padà fún un títí yóò fi sọ pé ó dára. Ẹ béèrè oyè tó fẹ́ kí a fi pe òun: Fadá ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, àbí orúkọ lásán. Ẹ béèrè ìtàn wo ló fẹ́ sọ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Bí Fadá bá fẹ́ fi bí òun ṣe kúrò ní Kalifóníà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí ẹ sì ti sọ ìtàn náà tán kó tó dìde, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Á dìde, á máa wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ yín tán, ẹ ka ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀ sí i létí. Bí ọdún kan bá ṣì, tàbí bí iye kan bá kọjá ohun tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa tún un ṣe. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iwájú gbogbo ènìyàn ni yóò ti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu olùtọ́nisọ́nà yín jáde á sì jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ kò sọ òótọ́ tán.

Àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, irú ẹgbẹ́ Toastmasters tí Ralph Smedley dá sílẹ̀ ní Santa Ana ní Kalifóníà ní 1924, ti mú ohun tí ó yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí dín kù sí ìwọ̀nba: ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ ní gbígbọ́, ìdí tó fi kan àwọn tó wà níjokòó, àti ìdí tó fi jẹ́ ẹni yìí ló yẹ kó sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ á wá kẹ́yìn. Èyí kò ṣàjèjì sí alárinà wa. Òun náà ti máa ń sọ ìwà ọmọkùnrin kó tó wá sọ ọmọ ẹni tí í ṣe.

Ohun tí èmi ìbá sọ rèé, bí wọ́n bá ní kí n fi Fadá Nzamujo hàn ní Pobẹ̀:

“Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìpàdé yìí jẹ́ tiyín, ẹ kú ìjókòó.

Nígbà tí ẹ bá fún epo tán, kí ni ẹ ń fi omi tó kù nídìí ìkòkò ṣe? Àwọn ìyá wa kò da ìhá nù, wọ́n ń fi í dáná. Wọn kò da èèpo ekùrọ́ nù, alágbẹ̀dẹ ń wá a. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá a dé ni àwa náà dúró sí. Omi epo, èèpo ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́ adìẹ, à ń dà wọ́n nù ní àárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, à ń yáwó ra ajílẹ̀ àti oúnjẹ ẹja.

Ẹni tó máa bá wa sọ̀rọ̀ lónìí ti ń bá ìbéèrè yìí jà láti 1985. Hẹ́kítà kan ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ sọ́jà. Ọgọ́rùn-ún mítà ní òòró, ọgọ́rùn-ún mítà ní ìbú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ilẹ̀ rẹ̀, pàǹtí ń di ìdin, ìdin ń di oúnjẹ ẹja. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, èyí tó kù lára rẹ̀ ń padà sí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín ló sì kọ́ láti máa ṣe é.

Kò gbé owó wá. Ó máa sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó máa jókòó dáhùn ìbéèrè yín. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kí oníkálukú kọ ohun kan sílẹ̀ tó ń dà nù nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kó sì fi béèrè.

Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dá Sóńgáì sílẹ̀, Fadá Godfrey Nzamujo.”

Bí ẹ bá kà á sókè láìkánjú, ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ wo ohun tí mo fi sílẹ̀. N kò dárúkọ yunifásítì kankan, n kò dárúkọ ẹ̀bùn kankan, bẹ́ẹ̀ ló sì tọ́ sí i. Ìdí ni pé olùtọ́nisọ́nà kò dà bí olùbánisọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó wá sọ̀rọ̀ tó máa lọ, ẹ lè gbé e ga bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kí ọmọ tó ń yan gàrí lè dìde bi ní ìbéèrè, kó sì jẹ́wọ́ fún un pé owó òun ti fẹ́ tán, ẹni yẹn kò gbọdọ̀ jìnnà. Hẹ́kítà kan ni mo fi fà á súnmọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní mọ̀lẹ́bí tó ní ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ìyókù, Fadá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Gbólóhùn tí mo fi sọ pé kò gbé owó wá lè dà bí ọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n ó pọn dandan. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti lọ sí ìpàdé púpọ̀ tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ ètò àti àjọ, wọ́n sì ti ń retí pé ẹni tó bá wọ aṣọ funfun dé yóò pín nǹkan. Bí afinihàn bá ní “bàbá yìí máa ràn yín lọ́wọ́” láìsọ irú ìrànlọ́wọ́ tó jẹ́, ó ti bá àlejò jẹ gbèsè tí àlejò kò mọ̀ sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa jáde ni: “Ẹ̀yin ẹ máa yá wa lówó?” Gbàrà tí wọ́n bá ti bi í bẹ́ẹ̀, wákàtí tó kù á di ti àlàyé àti àforíjì. Ohun tó bá máa ṣe ni kí ẹ sọ, tòun ti àkókò rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ ká fọwọ́ kékeré mú un lágbègbè wa. Nàgó, Ọ̀họ̀rí àti Gùn lè jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà, kí àlejò sì máa sọ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ògbufọ̀ bá máa wà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀ á di wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àlejò mọ̀ kó tó dé. Ní tiyín, ẹ fi èdè tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ná ọjà fi í hàn, kódà bí ìwé tí wọ́n fún yín bá wà ní Faransé. Ẹ wá ògbufọ̀ tó mọ ohun tí ìdin àti gáàsì ìgbẹ́ ẹran jẹ́, kì í ṣe ẹni tó kàn mọ Faransé sọ dáadáa. Tí ògbufọ̀ bá ń ta kókó níbi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá dé, àwọn ọ̀dọ́ á pàdánù ibi tó ṣe pàtàkì jù.

Bí àwọn ọlọ́lá bá wà níbẹ̀, ọba, olórí kọ́múùnù, aṣojú ìjọba, ẹlòmíràn ni kó kí wọn tẹ̀lé ara wọn kí ẹ tó dìde. Ẹ bẹ alága ìpàdé kó ṣe é. Bí ẹ bá pa ìkíni wọn pọ̀ mọ́ ìfihàn àlejò, ọ̀kan nínú méjèèjì á jìyà, àlejò ló sì sábà máa ń jìyà rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè sílẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ máa lọ. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí àtẹ́wọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kí i, ẹ fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́ ní títàn, kí ẹ wá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ má tún gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ lọ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ojú àwọn ọ̀dọ́, nítorí iṣẹ́ yín kò tíì parí. Bí ẹ bá ti rí àwọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ti là. Bó bá jẹ́ pé ojú fóònù ló ń tàn káàkiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ gbé e jìnnà sí wọn. Ìyẹn ṣì ní àtúnṣe nígbà ìbéèrè.

Ní àkókò ìbéèrè, àwọn ọkùnrin tó jókòó síwájú ló sábà máa ń nawọ́ ṣáájú, wọ́n á sì fi ìbéèrè ṣe ìwàásù. Ẹ ti yan ẹnìkan sílẹ̀ kó tó di ìgbà náà, ọmọbìnrin kan tó ń fún epo tàbí tó ń sin ẹja, tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe ìwádìí yín. Ẹ ti bi í bóyá ó fẹ́ béèrè nípa omi epo rẹ̀, ó sì ti gbà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ ní kó sọ iye ìkòkò tó ń fún lọ́sẹ̀ kan, ibi tó ń da omi rẹ̀ sí, àti ohun tó ti gbìyànjú, kí àlejò lè dá a lóhùn lórí iṣẹ́ tirẹ̀. Tó bá ti béèrè tán, àwọn mìíràn á mọ irú ìbéèrè tó yẹ.